Pírí tí mo ń mu kí n tó gbé irin: kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

ỌmọṢágámù | Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ kan nítòsí márosẹ̀ ní Ṣágámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago méje alẹ́ ni mo máa ń dé jíìmù, ó sì ti máa ń rẹ̀ mí kí n tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mu ìyẹ̀fun pírí-wọ́kaòtù láti bí oṣù mẹ́ta. Ṣíbí kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò ràn mọ́, mo sọ ọ́ di méjì, mo tún ń mu agolo ẹnájì dírìǹkì 500 ml kan lé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lórí bẹ́ǹṣì, irin wà lọ́wọ́ mi, ni àyà mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Á dúró díẹ̀, á tún sáré. Mo jókòó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó rọlẹ̀. Mi ò sùn títí aago mẹ́ta òru. Ọmọ ọdún 27 ni mí, mi ò ní àìsàn tí mo mọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sára ike náà nìyí: ṣíbí kan jẹ́ gíráàmù 12, kaféènì 300 mg. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ìdápọ̀ agbára, 4,100 mg: bíítà-álánáìnì, sítírúlíìnì, gùàránà, obì, `Juglans regia`. Wọn ò kọ iye ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣé pírí yìí ló fà á ni, àbí iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún mi? Kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀ tí màá fi rí okun?

Kóòṣì_Ìkẹ́nnẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kọ́ èèyàn ní jíìmù, mo sì ti rí irú èyí. Ara rẹ ti mọ́ pírí ni. Bí ara bá ti mọ́ ọn, ṣíbí kan ò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o tún wá padà sí ṣíbí kan. Máa mu omi dáadáa kó lè fọ̀ ọ́ jáde. Nínú ohun tí o kọ yẹn, mi ò rí èyí tó burú, ewé àti èso ló pọ̀ níbẹ̀. Tí ojú àti ọwọ́ bá ń yún ọ lẹ́yìn tí o bá mu ún tán, ojúlówó nìyẹn, ó ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Èmi náà ń tà á, ẹnikẹ́ni ò tíì wá bá mi pé ó ṣe òun ní nǹkan.

Apòògùn_Òde | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́. Bí ẹ ṣe ní ara rẹ̀ ti mọ́ ọn yẹn, òótọ́ ni, òun ló sì sọ ṣíbí kan di méjì. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ọmọ yìí ń mu lálẹ́ kan.

Kaféènì ṣíbí méjì jẹ́ 600 mg. Ọ̀pọ̀ ẹnájì dírìǹkì ní nǹkan bí 32 mg nínú 100 ml, nítorí náà agolo 500 ml á ní 160. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 760 mg, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fi 400 mg lójúmọ́ ṣe ìwọ̀n tí kì í sábà ṣe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ní nǹkan. EFSA, àjọ ààbò oúnjẹ ti Yúróòpù, ní tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn mu ún, kó má ju 200 lọ. Ìwọ sì ń mu ún tán, o tún ń lọ gbé irin, níbi tí ọkàn ti ń ṣiṣẹ́ àṣekún tẹ́lẹ̀.

Èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn o. Gùàránà àti obì náà ní kaféènì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má kà á mọ́ 300 tí wọ́n kọ sókè. Nínú irú ìdápọ̀ yìí, òfin Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n kọ àròpọ̀ nìkan, kí wọ́n sì to àwọn ohun inú rẹ̀ láti orí èyí tó pọ̀ jù dé orí èyí tó kéré jù. Ipò kẹta ni gùàránà wà. Méjì tó ṣáájú rẹ̀ ò lè kéré sí i, nítorí náà kò lè ju ìdá kan nínú mẹ́ta 4,100 lọ, ìyẹn bí 1,360. Ó lè jẹ́ 1,300, ó sì lè jẹ́ 5 péré, ìlà kan náà ni wọ́n á kọ. Gùàránà kan wà tí wọ́n ti fún títí kaféènì inú rẹ̀ fi di ìdá 22 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ irú ìyẹn ni wọ́n fi 1,300 mg sí i, 286 mg kaféènì tún fara pamọ́ sínú ṣíbí kan. Bí ó bá sì jẹ́ 5 mg, kaféènì ibẹ̀ ò ju bí 1 mg lọ. Ẹni tó ra ike náà ò lè fojú mọ èyí tó jẹ́.

Ní ti oorun, ó máa ń gba bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì kaféènì tó kúrò lára, ó ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹlòmíì. Bí 760 bá wọlé ní aago méje alẹ́, bí 380 ló kù láàárín òru. Ní aago márùn-ún ìdájí tí o ń dìde lọ síbi iṣẹ́, bí 190 ṣì wà, ó ju agolo ẹnájì kan lọ. Omi ò lè fọ̀ ọ́ jáde, Kóòṣì, ẹ̀dọ̀ ló ń tú u ká, ẹ̀dọ̀ ò sì ní kánjú nítorí omi. Oorun tí kò sùn ni ó ń rẹ̀ ẹ́ ní aago méje ọjọ́ kejì, ohun tó fi ń wo àárẹ̀ yẹn ló sì ń dá a padà sílẹ̀.

Ara yíyún, bíítà-álánáìnì ló ń fà á. Iṣan ìmọ̀lára abẹ́ awọ ló ń fọwọ́ kàn, á lọ láàárín bíi wákàtí kan, kì í pa èèyàn lára. Kò sọ fúnni pé ojúlówó ni, kò sì sọ ohunkóhun nípa ọkàn. Ìyẹ̀fun tí èròjà eléwu wà nínú rẹ̀ lè yún èèyàn gẹ́lẹ́ bíi ti gidi.

Apòògùn_Òde | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:41 àárọ̀

Mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ `Juglans regia` yẹn sọ, torí òun ló jẹ́ kí n dìde kọ̀wé láàárọ̀ yìí. Orúkọ igi wọ́núùtù ni. Èso rẹ̀ ò ní ohun tó ń mú àyà lù. Àmọ́ tí ẹ bá rí i lára ìyẹ̀fun jíìmù, ó sábà máa ń jẹ́ aṣọ tí wọ́n dà bo èròjà amúnitají kan, DMHA, tí àwọn míì ń kọ báyìí: `2-aminoisoheptane`.

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, DMAA. Láàárín ọdún 1940 sí 1950 ni ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Amẹ́ríkà gbé e jáde fún imú dídí, àwọn èèyàn ń fà á sí imú. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́jà ní 1983. Lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún yọjú nínú pírí, wọ́n ní inú ewé jẹréníọ́ọ̀mù ni àwọn ti rí i. Ó ń sún òpó ẹ̀jẹ̀ kì, ìfúnpá ń lọ sókè, ọkàn á sì máa ti ẹ̀jẹ̀ gba ojú ọ̀nà tó ti há. Ní 2012, obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan ṣubú nígbà tó kù díẹ̀ kó parí eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú. Ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e sọ pé DMAA tó wà nínú ohun tó mu, pẹ̀lú wàhálà eré náà, ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó pa á. Ọdún 2012 yẹn kan náà ni FDA kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń tà á. Nígbà tí ojú lé sára DMAA, DMHA gba ipò rẹ̀. Òun náà, oògùn imú àtijọ́ ni. FDA kọ̀wé ìkìlọ̀ lé òun náà lórí ní 2019.

ỌmọṢágámù, mi ò sọ pé DMHA wà nínú tìrẹ, ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kaféènì tó pọ̀ tó báyìí, tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá tún bá a pàdé, á mú ọkàn ṣìlù. Àyà rẹ sì ti sọ̀rọ̀. Má mu ún mọ́, kódà ṣíbí kan. Lọ wọn ìfúnpá rẹ lónìí, kí o sì lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà rẹ láti wo bí ọkàn ṣe ń lù. Bí o bá dákú lẹ́nu eré ìdárayá, tàbí àyà ń dùn ọ́ tó ń ràn sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí ìlùkìkì yẹn kò dáwọ́ dúró, má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ọsibítù lẹsẹ̀kẹsẹ̀. Bi wọ́n nílé pẹ̀lú, ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí tó kú lójijì nígbà tí kò tíì dàgbà?

Alóbì_Sábó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:03 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni obì ṣe tí ẹ fi ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ oògùn? Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ta obì ní Sábó Ṣágámù. Ilẹ̀ Rẹ́mọ yìí, obì ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ ń wò. Àwọn Hausa tó ń wá kó gbànja lọ́dọ̀ wa, wọ́n á jẹ ẹ́ láàárọ̀, wọ́n á wa tírélà dé Kano. Bàbá mi jẹ obì títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ má ba ọjà wa jẹ́.

Apòògùn_Òde | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Màámi, ẹ má bínú, mi ò bá obì jà. Èmi gan-an máa ń jẹ àbàtà. Kaféènì inú obì àti èyí tó wà nínú kọfí, ọ̀kan náà ni, àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń jẹ ẹ́. Gbànja ní awẹ́ méjì, ẹ ó bu awẹ́ kan, ẹ ó máa rún un díẹ̀díẹ̀, á korò lẹ́nu yín, ẹ ó sì dá a dúró fúnra yín. Kò sẹ́ni tó ń rún obì mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ti fún kò korò mọ́ torí wọ́n ti fi adùn èso bò ó, ẹnu ò sì lè kìlọ̀ fún ẹni tó ń mu ún. Awakọ̀ yín tó ń lọ Kano, òun náà, tó bá rún un títí di alẹ́, kò ní sùn.

Bàbá_Ìpẹ́rù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:12 ọ̀sán

Mo kí gbogbo yín. Èmi ò lọ jíìmù o. Ọmọ mi ọkùnrin ló fún mi ní ìyẹ̀fun yìí pé kí n máa fi ṣe ìrìn àárọ̀, torí ó ń rẹ̀ mí. Ẹni ọdún 58 ni mí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò láti bí ọdún mẹ́fà. Mo tún máa ń mu agbo jẹ̀dí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òòyì ti kọ́ mi, mo ní ebi ni. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n máa lò ó ní ìdajì ṣíbí?

Apòògùn_Òde | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ìdajì, ẹ má lo rárá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń fa ìfúnpá yín sílẹ̀, ìyẹ̀fun yìí ń tì í sókè, àárín àwọn méjèèjì ni òpó ẹ̀jẹ̀ yín wà. Ẹ wo ara ike náà bóyá ẹ ó rí yohimbáìnì. Òun ń gbé ìfúnpá sókè fúnra rẹ̀, ó sì tako iṣẹ́ àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Agbo jẹ̀dí, èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ ni mo ń bẹ̀rù jù. Òòyì yẹn náà, ẹ má pè é ní ebi. Ẹ kó oògùn yín, agbo àti ike náà sínú àpò kan, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún dókítà yín wò. Àwọn oògùn kan wà tó máa ń mú kó rẹ èèyàn, bóyá òun gan-an ló ń ṣe yín, dókítà sì lè pa á dà.

Kóòṣì_Ìkẹ́nnẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́

Mo ti kà á. Màámi apòògùn, mo gba ti omi àti ara yíyún, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo wa ṣọ̀kan. Èyí tí mò ń tà ní nọ́ńbà NAFDAC. Ohun tí èmi ń bá jà ni àwọn tó ń ta á ní wíwọ̀n nínú ọ̀rá, àti àwọn ọmọdé tó ń da ìyẹ̀fun gbígbẹ sẹ́nu láìpò ó pọ̀ mọ́ omi nítorí fídíò orí fóònù. Ìyẹn lewu gan-an.

Apòògùn_Òde | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:34 alẹ́

Ẹ ti sọ òótọ́ pàtàkì níbẹ̀, Kóòṣì. Ìyẹ̀fun gbígbẹ lè wọ ọ̀nà ọ̀fun, kaféènì rẹ̀ á sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ti inú ọ̀rá tún burú sí i. Ọkùnrin kan ní Wales, ẹni ọdún 29, òun náà ń kọ́ èèyàn ní eré ìdárayá, ra kaféènì lásán, ó sì mu ún ní 2021. Ìwọ̀n tí ó yẹ kó mu wà láàárín 60 sí 300 mg. Òṣùwọ̀n tó fi wọ̀n ọ́n, láti gíráàmù méjì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Gíráàmù méjì jẹ́ 2,000 mg. Kò lè rí ohun tó ń wá lójú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ láé. Ó kú lọ́jọ́ tó mu ún.

Ní ti nọ́ńbà, ó dáa kó wà, ẹ má ra èyí tí kò ní. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ayédèrú nọ́ńbà pẹ̀lú, nọ́ńbà gidi náà ò sì sọ fún yín pé wọ́n ti yẹ ike tó wà lọ́wọ́ yín wò. Àwọn kan ní àmì `Informed Sport` lára, tí wọ́n ń yẹ ìpele kọ̀ọ̀kan tí ilé iṣẹ́ bá ṣe jáde wò kó tó dọ́jà. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà ìpele tó wà ní ìdí ike sí ojú-òpó wọn, tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ìyẹn náà, èròjà tí wọ́n kà léèwọ̀ fún eléré ni wọ́n ń wá. Bí kaféènì bá jẹ́ 300, 300 náà ló máa jẹ́.

Asáré_Àgọ́Ìwòyè | Ọjọ́rú, 5:55 àárọ̀

ỌmọṢágámù, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè rẹ kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mò ń sáré, mo ti mu pírí rí, mo sì ti jáwọ́. Ẹ̀fọrí kọ́kọ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó mú mi ọjọ́ mẹ́rin, ó lọ. Bí o bá ti ń mu púpọ̀, máa retí rẹ̀, má rò pé àìsàn míì ni.

Ohun tí mo wá rí ni pé ebi ló ń pa mí. Oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń jẹ ní aago kan, màá sì lọ sáré ní aago mẹ́fà láìjẹ nǹkan mìíràn. Báyìí, ní aago mẹ́rin ààbọ̀, gààrí Ìjẹ̀bú ife kan, omi tútù, ẹ̀pà, ṣúgà díẹ̀ àti iyọ̀ fín-ín-fín. Mi ò jẹ́ kó wú jù, màá mu ún nígbà tó ṣì ń dún lẹ́nu. Bí kò bá sí àyè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú ìkọ́kọrẹ́ rí, ó wúwo jù, inú mi ń run nígbà tí mò ń sáré. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrìn àti nína ara kí n tó ki eré. Àárẹ̀ tí mo gbé dé ibẹ̀ máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, mi ò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí dókítà bá ní ọkàn rẹ dá, kọfí ife kan náà ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àárọ̀ ni mo máa ń mu tèmi.

Apòògùn_Òde | Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Ọmọ dáadáa. Mo fi kan kún un: kọfí ṣíbí ìmutíì kan sábà máa ń ní bí 60 sí 80 mg, ó sì ń ṣeé kà. Kíríátíìnì náà, gíráàmù mẹ́ta sí márùn-ún lójúmọ́, kì í mú àyà lù torí kì í ṣe ohun amúnitají. Àmọ́ kò ní ta ọ́ jí ní aago méje alẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àìsàn kíndìnrín ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

ỌmọṢágámù | Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ kú àdúrótì o. Ọjọ́ tí màámi apòògùn ní kí n lọ wọn ìfúnpá, 148/94 ni. Mo ń mi, mo rò pé ẹ̀rọ náà ò dáa, a tún wọ̀n ọ́n, 146/92. Mo lọ ọsibítù ìkọ́ni ní Ṣágámù níbí, wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà mi, wọ́n ní bó ṣe ń lù nígbà yẹn dára. Dókítà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni ìwé yẹn rí, ó fẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ kan kọ́rùn fún wákàtí 24. Mò ń kó owó rẹ̀ jọ. Ó tún bi mí nípa ẹbí. Mo bi màmá mi, wọ́n ní àbúrò bàbá mi kan ṣubú lulẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù nígbà tó wà ní ọdún 31, kò dìde mọ́. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Dókítà ní kí n má gbé ohun tó wúwo títí tí èsì á fi dé.

Ẹ̀fọrí mú mi ọjọ́ márùn-ún. Mo ń sùn ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ báyìí. Lánàá, ìfúnpá mi jẹ́ 126/80. Gààrí aago mẹ́rin ààbọ̀ yẹn ti wọ ibi iṣẹ́ wa, a ti di mẹ́rin tó ń mu ún.

Kóòṣì_Ìkẹ́nnẹ́ | Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Àbúrò, mo dúpẹ́ pé o lọ. Mo yẹ ike mọ́kànlá tó kù lọ́wọ́ mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje ní ìdápọ̀ tí wọn ò kọ iye inú rẹ̀, mẹ́ta nínú méje yẹn ní `Juglans regia`. Mo ti kó mẹ́ta yẹn kúrò lórí igbá. Ẹni tó ń kó o wá fún mi ní òun ò gbà á padà. Mẹ́rin tó kù ni mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe sí. Owó jíìmù ló wà níbẹ̀, màámi apòògùn, ẹ bá mi dá sí i.